Ọmọ mẹ́rin, ẹ̀bùn ọgọ́ta ọdún kan: ta ni yóò san èló?

Ọmọ Kejì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìyá wa yóò pé 60 ọdún ní oṣù márùn-ún sí àkókò yìí, àwa ọmọ mẹ́rin sì fẹ́ da owó pọ̀ ra ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí ó ní láárí. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a pín owó náà dọ́gba, bẹ́ẹ̀ àbúrò wa tí ó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Àga ìrọ̀gbọ̀kú tí ó dára ni mo dá lábàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì sọ iye tí òun yóò mú wá. Báwo ni ẹ ṣe ń pín irú owó báyìí tí kò fi ní di ìjà?

* * *

Akápò Ẹbí

Èmi ni mo máa ń kó owó jọ nínú ẹbí wa, ohun tí mo sì ń rí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba ẹ̀yìn wọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọn á kọ́kọ́ yan ẹ̀bùn, wọn á béèrè iye rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á wá máa bu iye náà lé ara wọn lórí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, ohun méjì péré ni ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè ṣe: kí ó lọ yá owó, tàbí kí ó sọ pé ẹ̀bùn náà kò dára. Èkejì ni ó sábà máa ń ṣe, nítorí pé ó rọrùn fún ènìyàn láti bẹnu àtẹ́ lu àga ju kí ó sọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé owó kò sí. Bí ẹ bá rí ọmọ ìyá yín tí ó ń tako gbogbo àbá láìmú tirẹ̀ wá, ẹ má ṣe yára sọ pé kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bi í nípa owó, kí ẹ sì bi í ní ìkọ̀kọ̀.

Nítorí náà, owó ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi iye tí agbára rẹ̀ ká ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo yín fọkàn tán, kí ẹni náà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó sì kéde àpapọ̀ rẹ̀ nìkan, láìdárúkọ ẹni tí ó mú èyí tàbí èyí wá. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sápá kan. Owó tí wọn yóò fi gbé ẹ̀bùn náà dé ilé wà nínú rẹ̀, iye tí ọjà bá fi gbówó lórí kí ẹ tó rà á sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni òdiwọ̀n yín, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti yan ẹ̀bùn.

* * *

Àgbà Ọmọ

Èmi kò fara mọ́ èyí rárá. Àkọ́bí ni èmi náà, a sì ti ṣe irú rẹ̀ fún bàbá wa. Dọ́gba-dọ́gba ni a san án, kò sì sí ẹni tí ó bínú títí di òní. Bí ẹnì kan bá san ju àwọn tí ó kù lọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni ó ni ẹ̀bùn náà. Òun ni yóò yan àwọ̀, òun ni yóò dá ọjọ́ tí wọn yóò gbé e wá, òun ni yóò dúró síwájú nínú fọ́tò, àwọn àbúrò rẹ̀ yóò sì di òǹwòran. Yàtọ̀ sí èyí, ta ni ó fẹ́ máa ka owó oṣù rẹ̀ sí ọmọ ìyá rẹ̀ létí? Bí àbúrò yín kò bá ní agbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹ̀bùn tí agbára rẹ̀ ká, kí gbogbo yín sì san iye kan náà.

* * *

Akápò Ẹbí

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ sọ nípa ẹni tí ó san púpọ̀ tí ó sì wá di olórí, òtítọ́ pọ́ńbélé ni, mo ti rí i rí. Ohun tí ó ń wò ó sàn ni pé kí ẹbí ti fẹnu kò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó kankan tó wọlé, pé ohùn kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú yíyan ẹ̀bùn, iye yòówù kí ó mú wá. Ibi tí n kò ti bá yín lọ ni ti pé kí gbogbo wọn san iye kan náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ kí a lè jọ rí i.

Ẹ gbà pé nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti san owó ilé, tí ó jẹun, tí ó san owó ilé ìwé ọmọ, tí ó sì dá gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ padà, ohun tí ó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àkọ́bí lóṣù jẹ́ 90, ti ẹnì kejì jẹ́ 60, ti ẹnì kẹta jẹ́ 40, ti àbíkẹ́yìn sì jẹ́ 10. Owó yòówù tí ẹ bá ń ná ni ẹ lè fi pè é. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Ẹ gbà pẹ̀lú pé gbogbo owó tí wọ́n ń wá, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá tí mo ní kí wọ́n yọ sápá kan, jẹ́ 120.

Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, 30 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó ń ṣẹ́ kù fún àkọ́bí ní oṣù kan péré ni yóò fi san tirẹ̀. Àbíkẹ́yìn ní tirẹ̀ yóò fi gbogbo ohun tí ó ṣẹ́ kù fún un ní oṣù mẹ́ta gbáko san án, kò ní lè ra bàtà, bí ara rẹ̀ kò bá sì yá láàárín oṣù wọ̀nyí, yóò di ẹni tí ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ní dọ́gba ni. Iye kan náà ni wọ́n dá, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ lọ́rùn àbíkẹ́yìn jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án ti àkọ́bí.

Àbá yín kejì, pé kí ẹ̀bùn sọ̀ kalẹ̀ wá bá agbára ẹni tí ó kéré jù, kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà nínú àwọn ọmọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí agbára àbíkẹ́yìn bá mọ sí 10, tí gbogbo wọn sì mú 10 wá, 40 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí lè ṣe fún ìyá wọn ni ìyá yóò gbà, bẹ́ẹ̀ owó ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó ti ṣiṣẹ́ fún àwa ni pé kí a pín owó náà sí méjì. Apá àkọ́kọ́ kéré, a sì ń san án dọ́gba. Owó orúkọ ni a ń pè é nílé wa, nítorí òun ni ó jẹ́ kí orúkọ gbogbo wa wà lórí káàdì ní ẹ̀tọ́. Nínú àpẹẹrẹ yìí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 5, ìyẹn 20 lápapọ̀. Ó ku 100, èyí sì jẹ́ ìdajì 200 tí ó ń ṣẹ́ kù fún gbogbo wọn, nítorí náà kí oníkálukú mú ìdajì tirẹ̀ wá: 45, 30, 20 àti 5. Bí a bá fi owó orúkọ kún un, àkọ́bí yóò san 50, ẹnì kejì 35, ẹnì kẹta 25, àbíkẹ́yìn 10. Ẹ rò ó wò, 120 ni yóò fún yín. Bí wọ́n bá sì fi oṣù mẹ́rin san án, 2.5 ni àbíkẹ́yìn yóò máa mú jáde lóṣù nínú 10 tí ó ní. Yóò ni í lára díẹ̀, kò sì ní gbé e ṣubú.

* * *

Ẹni Ayẹyẹ

Ẹ kú iṣẹ́ ìṣirò o. Ṣùgbọ́n n kò rí i kí ẹnikẹ́ni dárúkọ gbọ̀ngàn, àga àlejò tàbí àwọn tí yóò se oúnjẹ. Ohun tí ó ń jẹ owó jù nínú ọgọ́ta ọdún nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ pe igba ènìyàn, 120 yín kò tó.

Ọmọ Kejì

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ pe igba ènìyàn. Ìyá wa fúnra rẹ̀ ni ó ní òun kò fẹ́ ariwo. Ẹ̀bùn nìkan ni a ń da owó lé.

Ẹni Ayẹyẹ

Ó ti yé mi báyìí. Kí ẹ ṣáà rí i pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ nínú yín kò fi owó ẹ̀bùn ṣe é.

* * *

Ìyàwó Àkọ́bí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò ohun tí ó ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé tèmi. Àkọ́bí ni ọkọ mi. Nígbà tí bàbá wọn fẹ́ pé 60 ọdún, àwọn ọmọ ìyá ṣe ìpàdé lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi sì dá iye tí ó pọ̀ jù lọ níbẹ̀, ní ojú ẹsẹ̀, láìbá mi sọ̀rọ̀. Owó náà wà nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín ọmọ wa ni a ti yà á sọ́tọ̀ fún, a sì ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn. A san owó ẹ̀bùn náà nítorí pé ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, eyín ọmọ sì dúró di ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn bàbá náà, wọ́n sì fẹ́ràn mi, síbẹ̀ mo kàn ń wo ẹ̀bùn yẹn níbi tí ó wà ni, n kò lè bá wọn yọ̀ sí i.

Kì í ṣe àkọ́bí nìkan ni ó ń san owó àkọ́bí. Ìyàwó ń bá a san án, ọmọ sì ń bá a san án.

Akápò Ẹbí

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí, nítorí ó kan ohun tí mo gbójú fò nínú àlàyé mi. Ẹni tí ó bá ń gba iye lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kò gbọdọ̀ gbà á níbi ìpàdé. Kí ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn, kí ó sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí wọ́n tó dáhùn, kí ẹni tí ó ní ọkọ tàbí ìyàwó lè bá a sọ̀rọ̀. Iye tí a dá níbi tí gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń gbọ́ máa ń ga ju iye tí a lè san lọ. Ìtìjú ni ó ń gbé e ga, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ó dá a lè yí i padà.

Àgbà Ọmọ

Ìyẹn ni mo ń sọ. Bí ó bá jẹ́ dọ́gba ni wọ́n san án, ọkọ yín kò ní lè dá iye tí ó pọ̀ jù.

Ìyàwó Àkọ́bí

Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àbúrò wọn tí ó ń ṣe àìsàn nígbà náà ìbá ti wọ gbèsè. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí wọ́n bi mí léèrè.

* * *

Onígi

Àga ni mo ń kàn jẹun, mo sì ti ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti òkè láìrí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nípa àga fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n da owó pọ̀ máa ń wá sọ́dọ̀ mi, èyí tí ó tóbi jù tí ó sì rọ̀ jù ni wọ́n sì máa ń yàn. Èyí gan-an ni ìyá wọn kò ní lè dìde lórí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìyá yín ṣe ń dìde. Bí ó bá ń fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún rẹ̀ kí ó tó lè nàró, tàbí tí ó ń mi ara síwájú sẹ́yìn kí ó tó rí agbára dìde, tàbí tí ó ń fi àga tí ó rọ̀ sílẹ̀ lọ jókòó sórí àga onígi, a jẹ́ pé àga tí ó wà nílé kò bá a mu, yóò sì mọ rírì èyí tí ó bá a mu.

Gíga ìjókòó ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, nígbà tí ó bá wọ bàtà tí ó máa ń wọ̀ nínú ilé. Ibi tí ìjókòó yẹ kí ó wà nìyẹn nígbà tí ènìyàn bá ti jókòó lé e, nítorí pé fóòmù máa ń wọlẹ̀. Àga tí ẹ wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù láìsí ẹni lórí rẹ̀, tí ó sì dà bí ẹni pé ó bá a mu, lè rì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún nígbà tí ó bá jókòó. Bí ìdí bá ti wà nísàlẹ̀ ju orúnkún lọ, iṣẹ́ ńlá ni dídìde.

Lẹ́yìn gíga, ẹ wo bí ìjókòó náà ṣe jìn sẹ́yìn. Bí ó bá ti fẹ̀yìn ti àga dáadáa, ìka ọwọ́ méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè wọ àárín etí ìjókòó àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Bí àyè yẹn kò bá sí, etí àga yóò máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, yóò sì máa sún síwájú títí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi ní kan àga mọ́. Kí apá àga náà gùn dé iwájú, nítorí pé orí rẹ̀ ni yóò ti ọwọ́ dìde. Apá tí ó dúró ní àárín ọ̀nà kò wúlò fún un.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó mọ̀, ẹ dúró dìgbà tí ó bá jáde, kí ẹ wọn àga tí ó fẹ́ràn láti máa jókòó lé. Ẹ wọn ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tí ó tóóró jù lọ pẹ̀lú, àti ibi tí wọn yóò ti yí àga náà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti rí àga tí ó sùn sí ìta nítorí pé kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

* * *

Ọmọ Tó Wà Nílé

Onígi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Ọmọ Kejì: ta ni ó sọ pé àga ni ìyá yín ń fẹ́? Ẹni 60 ọdún kì í ṣe arúgbó. Ìyá mi ju 60 lọ, ó ṣì ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ kí èmi tó jí. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé lọ́nà jíjìn ra àga ńlá ránṣẹ́, ó dúpẹ́, ó sì bi mí nígbà tí àwọn yòókù ti lọ pé ṣé àwọn ọmọ òun ti ń sọ fún òun pé kí òun lọ jókòó ni. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni ó wà lórí àga yẹn báyìí.

Èmi tí mo ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ìbá ti sọ fún wọn bí wọ́n bá bi mí. Ẹni tí ó ń gbé nítòsí òbí kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ní owó jù, nítorí náà wọn kì í sábà bi í.

Onígi

Èmi kò lè jiyàn èyí. Bí ìyá bá ń dìde wéré láìfi ọwọ́ ti ohunkóhun, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi.

Akápò Ẹbí

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ohùn kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Bí ó bá ṣe èmi ni, ẹni tí ó ń gbé nítòsí ni n ó kọ́kọ́ bi pé kí ni òbí ti dárúkọ nínú oṣù díẹ̀ tí ó kọjá, kí ni ó ti bàjẹ́ tí kò tíì tún ṣe, kí sì ni ó ń yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí òbí fúnra rẹ̀ ti dárúkọ lẹ́ẹ̀mejì ju ohun tí ọmọ rò lọ. Ní ti pé kí a bi òbí ní tààràtà, èmi fara mọ́ ọn bí owó ẹ̀bùn náà bá pọ̀ débi pé a kò ní lè ra òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àgbà Ọmọ

Èmi wà nínú wọn. Bí ẹ bá bi ìyá yín, yóò ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, kí ẹ tọ́jú owó yín fún àwọn ọmọ yín. Kí ni ẹ ó wá ṣe?

* * *

Àbígbẹ̀yìn

Èmi ni àbúrò tí kò lówó nínú ẹbí tiwa, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ nípa wa. A pinnu láti ṣe ìwé fọ́tò ńlá kan fún bàbá wa. Owó tí mo mú wá kéré jù, wọ́n sì ní kí èmi wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo kó fọ́tò jọ láti ilé àwọn ìbátan, mo ya ẹ̀dà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ bàbá láti bi wọ́n pé ta ni ó dúró lápá òsì àti pé ọdún wo ni wọ́n ya á. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ṣe é. Nígbà tí a gbé e kalẹ̀, wọ́n ka orúkọ gẹ́gẹ́ bí owó ṣe pọ̀ sí, tèmi ni ó kẹ́yìn, wọ́n sì fi kún un pé èmi náà gbìyànjú.

Akápò Ẹbí

Àbúrò, ó dùn mí. Iṣẹ́ yẹn jẹ́ owó. Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ béèrè iye tí ẹni ìta yóò gbà láti ṣe é, kí a kọ iye náà sí abẹ́ orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà bí ìgbà tí ó bá mú un wá ní owó. Bí a bá ti ṣe é tán, kò sí ẹni tí yóò gbà láti dá iye lé e mọ́.

Ọmọ Tó Wà Nílé

Níbi yìí ni n kò ti lè gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ìbá jàǹfààní rẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé iṣẹ́ ọmọ, kí ni ìdí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé fọ́tò? Èmi ni mo ń gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn, èmi ni mo ń dúró de oògùn, èmi ni mo ń jí bí ó bá pè lóru. Ṣé kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n sì sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti san tèmi tán fún ọdún mẹ́wàá tí ń bọ̀? Wọn ìbá gbà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbà. Mo fẹ́ mú owó tèmi wá bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí ohun tí mo ń ṣe fún ìyá mi sì dúró lọ́tọ̀.

Àbígbẹ̀yìn

Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n èmi ìbá gba ti Akápò.

* * *

Akápò Ẹbí

Kí n tó gbàgbé, ohun kan wà tí ó ti ba ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn jẹ́ ju ọ̀rọ̀ iye lọ: kí ẹnì kan fi owó ara rẹ̀ ra á ná, kí àwọn yòókù wá san án padà. Ó máa ń rọrùn létí, pàápàá bí ọjọ́ bá ti súnmọ́ tòsí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀bùn bá ti dé ọwọ́ òbí, ìdí tí ènìyàn fi ń kánjú san owó ti lọ, ẹni tí ó rà á sì ti di olówó tí ó ń sin gbèsè lọ́wọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Kí owó wọlé kí ẹ tó rà á. Kí ọjọ́ tí owó ìkẹyìn yóò wọlé jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ ìbí náà. Bí apá kan kò bá dé títí di ọjọ́ yẹn, ẹ ra èyí tí owó tí ó wà nílẹ̀ ká, kí ẹ sì fi orúkọ gbogbo ọmọ sí i.

Kí ènìyàn méjì lè máa rí àpò owó náà ní báńkì, kí rìsíìtì sì wà fún gbogbo yín láti wò. Mo ń kó owó jọ fún ẹbí tí wọ́n fọkàn tán mi, síbẹ̀ èmi ni mo bẹ àbúrò mi pé kí ó máa wo àpò náà pẹ̀lú mi.

Bí ẹ̀bùn bá sì jẹ́ ohun tí yóò máa gba owó lẹ́yìn náà, irú bí àga tí ó ń fi iná mànàmáná gbéra, ẹ mọ ẹni tí yóò san owó àtúnṣe kí ẹ tó rà á. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹni tí ó ń gbé nítòsí ni yóò máa san án.

* * *

Ọmọ Kejì

Mo padà dé. Mo fún gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, èmi ni mo sì gba iye lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ bínú, ó ní a ti ń fi owó wọn ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé ohùn kan náà ni gbogbo wa ní lórí yíyan, ó gbà láti san ju àwa tí ó kù lọ, ó sì ní kí n má sọ iye náà fún àwọn àbúrò. Mo rò pé ohun tí ó ń bà á lẹ́rù gan-an ni pé kí a má di ẹni tí ó ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Bí mo bá fi ìṣirò Akápò wọ̀n ọ́n, 96 ni ó wọlé dípò 120. Ìdá kan nínú mẹ́wàá jáde, ó ku bíi 86. Ìyá wa ń fi ọwọ́ ti orúnkún dìde lóòótọ́. Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé nítòsí rẹ̀ ni ó ṣàkíyèsí rẹ̀ fún odindi ọjọ́ ìsinmi kan, òun náà ni ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé àga tí òun ní ti ń jẹ òun ní ẹ̀yìn. Nítorí náà, àga ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a rí, tí a fi awọ bò, jẹ́ 95. Ẹ̀gbọ́n wa ní òun lè fi 9 tí ó kù kún un. Ṣé kí a gbà á?

Akápò Ẹbí

Èmi kò ní gbà á, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ sọ nípa ìbẹ̀rù rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdá kan nínú mẹ́wàá tí ẹ yọ sápá kan kí ẹ tó mọ ohun tí ọkọ̀ yóò gbà.

Àgbà Ọmọ

Ẹ gbà á. Ẹni tí ó ní, tí ó sì fẹ́ ṣe é fún ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é. Èmi tí mo ń sọ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ èyí.

Onígi

Ẹ kò nílò 9 náà. Awọ ni ó gbé owó rẹ̀ ga. Ẹ bi oníṣẹ́ yín ní iye tí yóò gbà bí ó bá fi aṣọ tí ó nípọn bò ó, irú èyí tí a lè bọ́ kí a sì fọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó wọ inú 86 yín dáadáa, aṣọ kì í sì í mú ooru bí awọ. Igi àti fóòmù ni ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dín kù. Ẹ fi ìkúùkù tẹ ìjókòó náà wọlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín, bí ọwọ́ yín bá kan igi, fóòmù yẹn kò ní pẹ́ kí ó tó pẹlẹbẹ.

Ìdajì owó ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbà kí a tó gé igi, nítorí náà ẹ kò ní láti dúró kí gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ lọ bá a ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìbí náà, kí ẹ mú ìwọ̀n tí àbúrò yín bá wọ̀n dání. Kí ó tó kan aṣọ mọ́ ọn, ẹ bẹ ẹni tí gíga rẹ̀ bá ti ìyá yín dọ́gba kí ó wá jókòó lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì dìde láìfi ọwọ́ ti orúnkún. Bí kò bá lè ṣe é, a ṣì lè fi fóòmù kún un ní ọjọ́ yẹn.